Ìwọ̀n fúláíwíìlì fún ẹ̀rọ alùhò: ìyára etí ni ẹ ó kọ́kọ́ mú

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kan ẹ̀rọ tí yóò máa lu ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20 sára pílétì irin tí ó nípọn tó mìlímítà 10, ihò kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta. Mọ́tò iná ẹlẹ́ṣin kan ni mo ní. Ṣáàfútì tí yóò gbé fúláíwíìlì yóò máa yí ní ìgbà 450 ní ìṣẹ́jú kan. Báwo ni kí ó ṣe wúwo tó, kí ó sì fẹ̀ tó, tí kò fi ní fọ́ mọ́ wa lórí?"

Ará, ihò yẹn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Ibi tí irin yóò ti gé ni àyíká ihò náà ní ìlọ́po sísanra pílétì, èyí tí ó jẹ́ mìlímítà onígun mẹ́rin 628. Irin lásán tí a ń rà lọ́jà máa ń gba nǹkan bí níútìnì 350 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ó tó gé, nítorí náà ipá tí ó ga jù lọ yóò tó níútìnì 220,000, bí ìwúwo tọ́ọ̀nù 22. Ipá yìí kì í dúró sókè títí dé ìsàlẹ̀. Ó máa ń já bọ́ bí irin bá ti ń gé, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń mú ìdajì rẹ̀ fún gbogbo sísanra náà. Ìyẹn jẹ́ júùlù 1,100. Mo máa ń fi díẹ̀ kún un nítorí ohun tí fífi ara ha ara láàárín àwọn bẹ́ríǹgì àti jíà yóò jẹ, kí a wá pè é ní 1,300.

Fúláíwíìlì kò lè gbé gbogbo agbára inú rẹ̀ sílẹ̀ àfi tí ó bá dúró pátápátá, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ohun tí ó ń gbé sílẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín eré tí ó ń sá kí ó tó lu ihò àti eré tí ó kù fún un lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá gbà kí eré rẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ sílẹ̀, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò jáde, nítorí pé eré ní ìlọ́po ara rẹ̀ ni agbára ń tẹ̀lé. Bí ẹ bá gbà á láàyè dé ìdá méjì nínú mẹ́wàá, ìdá 36 yóò jáde, fúláíwíìlì yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́ dé ìdajì. Ó wuni, ṣùgbọ́n mọ́tò kékeré onílà kan ní swíìṣì nínú tí ń gbé kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ padà wọlé nígbà tí eré bá lọ sílẹ̀ jù, bí ẹ bá sì ń gbọ́ ọ tí ń dún "tá" lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan, kapásítọ̀ yẹn kò ní pẹ́ jóná. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni mo máa ń fi mọ. Ẹ pín 1,300 sí 0.19, agbára tí fúláíwíìlì gbọ́dọ̀ ní lára yóò jẹ́ nǹkan bí júùlù 6,850.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù àkókò ni ibi tí ó kàn, nítorí pé wọn á mú fífẹ̀ kan lé orí, wọn á sì máa wá ìwúwo tí yóò bá a mu. Ìyára etí fúláíwíìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Fún èyí tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà ní etí, ìṣirò náà ni E = ½mv²; fún pílétì yíká tí sísanra rẹ̀ dọ́gba, E = ¼mv². E ni agbára, m ni ìwúwo, v sì ni ìyára etí. Ẹ wò ó pé fífẹ̀ kò sí nínú ìkankan nínú méjèèjì. Tí ẹ bá ti mú ìyára etí, ìwúwo ti yanjú. Fífẹ̀ kàn ń bá iye ìgbà tí ṣáàfútì ń yí ṣe ni.

Wàhálà tí irin ń gbà náà kò wo fífẹ̀. Ní etí tín-ín-rín, ó jẹ́ ρv², ìyẹn ni ìwúwo irin náà fún mítà kúbíìkì kan ní ìlọ́po ìyára etí lẹ́ẹ̀mejì. Ní mítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, káàsì yóò gba níútìnì 6.5 péré lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kan, bẹ́ẹ̀ ó máa ń gbà ju 150 lọ kí ó tó já. Síbẹ̀, mítà 30 yẹn ni ààlà tí àwọn oníṣẹ́ ti ń pa mọ́ fún káàsì láti ayé àwọn ẹ̀rọ tí ń fi oru omi gbígbóná ṣiṣẹ́. Ohun tí ó fà á ni ihò afẹ́fẹ́ tí ó máa ń wà nínú irin tí a dà, wàhálà tí ó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti tutù, àti bí etí ṣe máa ń tẹ̀ láàárín apá kan sí èkejì. Tí ó bá jẹ́ àlòkù olápá ni ẹ rí, ẹ gbé e kọ́, kí ẹ fi òòlù kékeré kàn án. Èyí tí ó sán máa ń dún bí ohun tí ó kú. Ẹ tún fi kẹrosíìnì pa ìdí àwọn apá rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wá fi ẹfun lẹ́búlẹ́bú wọ́n ọn: bí sísán bá wà, kẹrosíìnì yóò jáde láti inú rẹ̀, yóò sì fi ìlà dúdú hàn lórí ẹfun. Èyí tí wọ́n ti jó pọ̀ rí, èmi kì í gbé e sórí ẹ̀rọ rárá.

Fún iṣẹ́ tiyín, pílétì irin ni mo máa yàn, pẹ̀lú ìyára etí mítà 20. Ìgbà 450 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ rédíánì 47.1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 20 pín sí i sì fún wa ní 0.424: láti àárín dé etí jẹ́ sẹ̀ntímítà 42.4, gbogbo fífẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 85. Ìwúwo yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin 6,850 tí a pín sí 400, ìyẹn kílò 68.5. Ìyẹn bọ́ sí sísanra mìlímítà 15.4, nítorí náà ẹ ra pílétì mìlímítà 16, yóò wọn kílò 71, yóò sì gbé júùlù 7,090. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ṣáàfútì, níbi tí wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù lọ, kò ju níútìnì 2.6 lọ lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kan; irin náà kò tilẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí a kò sá mítà 40, kí ìwúwo lè bọ́ sí kílò 17. Irin yóò gbà á. Ṣùgbọ́n ṣáàfútì yóò ní láti máa yí ní ìgbà 900 pẹ̀lú fífẹ̀ kan náà, ibẹ̀ ni ìdọ́gba ti di ọ̀ràn. Gíráàmù 200 tí ó pọ̀ jù ní ẹ̀gbẹ́ kan etí yóò máa fa bẹ́ríǹgì pẹ̀lú nǹkan bí ìwúwo kílò 19 ní ìgbà 450. Ní ìgbà 900, ó di kílò 77. Pílétì tí wọ́n fi gáàsì gé, tí a kò gbé lọ sórí léèdì, lè ní irú àṣejù bẹ́ẹ̀ láìṣòro. Fún ìdí kan náà, ẹ má ṣe jó ègé irin mọ́ etí láti fi kún ìwúwo: kílò méjì níbẹ̀, ní mítà 20, ń fa ojú ìjó yẹn bí kílò 190 ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.

Mọ́tò yín tó, nítorí pé júùlù 1,300 ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta jẹ́ wáàtì 433, ẹlẹ́ṣin kan sì jẹ́ nǹkan bí 750. Ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò nira fún un, nítorí yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí ó tó kó 7,090 jọ. Ẹ fi púlì tí ń fún bẹ́líìtì sí i, kí mọ́tò kọ́kọ́ gba eré tirẹ̀ kí ẹ tó fún un díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dán an wò, ẹ lu ihò bíi mẹ́wàá léra, kí ẹ máa ka eré ṣáàfútì ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń bọ́ láti 450 sí 440, tí ó tún bọ́ sí 430, mọ́tò ni kò lè dá a padà ní àkókò, pílétì tí ó nípọn sí i kò sì ní tún un ṣe. Ẹ fa àkókò láàárín ihò gùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń padà dé 450 nígbà gbogbo, tí ó sì ń bọ́ kọjá 405 nígbà tí ó bá ń lu ihò, ìwúwo ni ó kéré. Ẹ má sì gbàgbé pínnì tí yóò kọ́kọ́ gé láàárín fúláíwíìlì àti ṣáàfútì, nítorí lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ki pílétì méjì sínú rẹ̀, gbogbo 7,090 yẹn ni yóò wá ibi tí yóò gbà jáde.