Kọ́mà méjì lára "ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lókè òkun"

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mò ń kọ lẹ́tà sí àwọn ayálégbé ilé bàbá wa ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé lókè òkun, ni kí ẹ máa san owó ilé fún." Àbúrò mi ní kí n yọ kọ́mà méjèèjì kúrò. Ṣé ìtumọ̀ máa yí padà ni, àbí ọ̀kan ni kò tọ́?

Ìdáhùn: Méjèèjì tọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n ń sọ yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ẹ̀gbọ́n yín ná. Bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, àbúrò yín ló jàre: láìsí kọ́mà, "tó ń gbé lókè òkun" ló ń ṣa ẹni tí ẹ ń wí láàárín wọn. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ni, ẹ fi kọ́mà yín sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi" nìkan ti tó fún ẹni tó ń kà á láti mọ̀ ọ́n, ibi tó ń gbé kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kún un ni.

Ẹ fi ìka bo ohun tó wà láàárín kọ́mà méjèèjì, kí ẹ wá ka ìyókù: "Ẹ̀gbọ́n mi ni kí ẹ máa san owó ilé fún." Bí ayálégbé bá lè bi yín pé "Èwo nínú wọn?", ọ̀rọ̀ tí ẹ fìka bò yẹn ṣe pàtàkì, kọ́mà ò gbọdọ̀ ká a mọ́.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Nígbà tí mò ń tẹ̀wé ní Múṣin, mo tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún oníbàárà kan. Ó kọ ọ́ wá pé ẹ̀gbọ́n òun tó ń gbé lókè òkun ló ra pósí. Mo rò pé mò ń tún un ṣe, mo bá fi kọ́mà há a láàárín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kejì, tí kò kúrò l'Ékòó rí, tó sì san owó ilẹ̀ ìsìnkú, gbé ìwé náà wá sí ṣọ́ọ̀bù: "Ṣé ẹyọ kan ni ìyá wa bí ṣáájú ọmọ yìí ni? Èmi ńkọ́?" Kò sí irọ́ nínú ohun tó sọ. Kọ́mà mi ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹbí.

Ibi tó ti sábà máa ń rú wa lójú ni pé inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ òfin yìí, ìṣirò Gẹ̀ẹ́sì ò sì bá tiwa mu. Ọ̀rọ̀ kan náà, "brother", ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò ọkùnrin. Ká ní ẹnì kan ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo ní Lọ́ńdọ̀nù, tó tún ní àbúrò ọkùnrin méjì l'Ágége. Ní Yorùbá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ, kọ́mà bá a mu. Bó bá fẹ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n di mẹ́ta, kọ́mà gbọ́dọ̀ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ará Agége ti wọlẹ̀ nìyẹn. Ẹ yí i padà: ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Gẹ̀ẹ́sì á fi kọ́mà sí i, nítorí ọkùnrin ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n méjì ni, kọ́mà ò tọ́ síbẹ̀ àfi tí ẹ bá kọ "ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin". Ẹ má tú kọ́mà láti èdè kan sí èkejì láìtún orí kà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín náà ńkọ́, tí ẹ̀ ń pè ní ẹ̀gbọ́n? Àwọn tí ayálégbé mọ̀ nínú ilé yẹn ni kí ẹ kà. Àwọn ni ọkàn rẹ̀ máa lọ sí.

Ohun tó burú pátápátá ni kọ́mà ẹyọ kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé lókè òkun ni kí ẹ máa san owó ilé fún" ṣí ilẹ̀kùn, kò tì í. Kí ẹ fi méjèèjì sí i, tàbí kí ẹ má fi ìkankan sí i.

Lẹ́nu, ohùn ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wa. Bí ẹ bá gbọ́ "ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lókè òkun yẹn", "yẹn" ìparí yẹn ti sọ pé a ń ṣà á láàárín àwọn míì. Bó bá jẹ́ àfikún lásán, "ẹni tó" máa ń wọ̀ ọ́ ju "tó" lọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń gbé lókè òkun báyìí, ti gbọ́ sí i."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni tiyín, èmi ò ní fi kọ́mà ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n yín sínú lẹ́tà náà, bó ṣe wà nínú àkáǹtì tí wọ́n máa sanwó sí gẹ́lẹ́. Tí orúkọ bá ti wà níbẹ̀, kọ́mà méjèèjì lè dúró, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n mẹ́fà lẹ ní.