Mo yí orílẹ̀-èdè àkáǹtì mi padà, owó lọ sókè, fíìmù sì pòórá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kó lọ sí òkè òkun, mo sì yí orílẹ̀-èdè àkáǹtì tí mo fi ń wo fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì padà. Owó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ọ̀pọ̀ fíìmù tí mò ń wò kò sì sí mọ́. Mo ṣírò ṣẹ́ńjì títí, kò bá a mu. Ṣé wọ́n ń rẹ́ àlejò jẹ ni? Ẹnì kan ní òun á gba owó díẹ̀, òun á fi VPN, ètò tó ń fi ibi téèyàn wà pamọ́, dá a padà fún mi.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹni yẹn lówó.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ṣẹ́ńjì kúrò lọ́kàn ná. Òun ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Wọ́n rò pé iye kan wà níbì kan tí iléeṣẹ́ ń ṣẹ́ sí owó orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń dá iye lé ọjà fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ni: wọ́n á wo ohun tí apá àwọn ará ibẹ̀ ká, iye tí àwọn abánidíje ń gbà, àti owó orí tí ìjọba ń bù lé ọjà. Owó orí yìí nìkan tó láti da ìṣirò yín rú. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó ti wà nínú iye tí ẹ rí. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó ni wọ́n sábà máa ń fi kún un. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́ yín jẹ, ẹ bi aládùúgbò yín tí wọ́n bí síbẹ̀ ní iye tí òun ń san lórí ètò kan náà. Àfi bí ó bá wà lórí ẹ̀dínwó, iye kan náà lẹ jọ ń san.

Ti fíìmù yàtọ̀ síyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ ń wò kì í ṣe ti iléeṣẹ́ tó ń fi í hàn yín. Wọ́n gba ẹ̀tọ́ láti fi í hàn ní orílẹ̀-èdè báyìí, fún iye ọdún báyìí ni. Níbi tí ẹ wà nísinsìnyí, ó lè jẹ́ pé iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn ló ra ẹ̀tọ́ náà. Fíìmù ọ̀hún ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, àdéhùn ni kò jẹ́ kí wọ́n fi í hàn yín. Èyí tí wọ́n fúnra wọn ṣe sábà máa ń bá yín dé gbogbo ibi.

Ohun méjì ni ẹni tó ń ta VPN fún yín pa pọ̀. Lórí Netflix, ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì yín ti wọlé ló ń pinnu fíìmù tí ẹ máa rí, bí ẹ ò tilẹ̀ fọwọ́ kan àkáǹtì. Orílẹ̀-èdè àkáǹtì ló ń pinnu owó. Lórí Google Play, orílẹ̀-èdè àkáǹtì ló ń pinnu méjèèjì. VPN lè fi ibi tí ẹ wà pamọ́, ṣùgbọ́n kò lè pa káàdì yín dà: nọ́ńbà tó ṣáájú lára káàdì ti ń sọ báǹkì àti orílẹ̀-èdè tó ti jáde. Ẹni tó bá tún forúkọ irọ́ ra káàdì ẹ̀bùn láti gba ibẹ̀ kọjá ti rú àdéhùn, wọ́n sì lè ti àkáǹtì náà pa tòun ti gbogbo ohun tí ẹ ti rà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi Google Play ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni owó ti ń há jù. Ká ní owó káàdì ẹ̀bùn kan ṣẹ́ kù nínú àkáǹtì yín. Ẹ lọ sí Settings > General > Account and device preferences > Country and profiles, ẹ fi káàdì orílẹ̀-èdè tuntun síbẹ̀, ẹ yí i padà. Owó ẹ̀bùn yẹn kò ní tẹ̀ lé yín. Orílẹ̀-èdè àtijọ́ ló máa jókòó sí, ẹ ò sì ní lè ná an. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń gbà kí èèyàn yí i, nítorí náà kò sí pé ẹ fẹ́ sáré padà lọ ná an. Ìyípadà náà lè gba wákàtí 48 kó tó hàn, ẹ má ṣe tún un tẹ̀ kiri.

Nítorí náà, kí ẹ tó yí àkáǹtì mìíràn padà, ẹ kọ́kọ́ ná owó tó bá kù síbẹ̀ tán. Ẹ wo déètì tí ètò oṣooṣù kọ̀ọ̀kan máa parí. Ẹ wa àwọn ohun tí ẹ ti rà jáde sórí fóònù kí wọ́n tó kúrò níwájú yín. Ti Apple tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọn kì í jẹ́ kí ẹ yí i rárá tí owó bá ṣì wà níbẹ̀. Ìlànà lè yí nígbàkígbà o, ẹ ka èyí tó wà lójú fóònù yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ máa padà sílé kí ọdún tó yí po, ẹ má fọwọ́ kan èyí tí ẹ kò tíì yí rárá.