Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé mo lè kọ ìfipábánilòpọ̀ sínú ìtàn?

Ìbéèrè: Alfa wa, Asalaamu alaekum. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan nípa ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tí ọ̀gá ẹ̀ fipá bá lò pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí nǹkan yẹn ti ṣẹlẹ̀ gba ojú ewé méjì, gbogbo ẹ̀ ni mo ṣàlàyé. Ọkọ mi kà á, ó ní ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ ni, kí n da gbogbo ìtàn náà nù. Èmi ń wò ó pé tí mi ò bá kọ ọ́, ta ló máa mọ ohun tójú àwọn ọmọ yẹn ń rí? Mo ti fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú ìbéèrè yìí. Ṣé haramu ni mò ń kọ ni, àbí báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaamu wa rahmatullaahi wa barakaatuhu, arábìnrin mi.

Ẹ má da ìtàn náà nù. Ojú ewé méjì yẹn ni kẹ́ ẹ yọ. Mo mọ̀ pé ohun tí mo sọ yìí ò ní tẹ́ ẹ̀yin lọ́rùn tán, kò sì ní tẹ́ ọkọ yín náà lọ́rùn tán, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti mú un.

Ohun tí ọkọ yín ń bẹ̀rù ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ó wà nínú hadiisi tí Búkhárì gbà látọ̀dọ̀ Ibnu Masúdù pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí obìnrin má ṣe júwe obìnrin míì fún ọkọ ẹ̀ débi tó fi máa dà bíi pé ọkọ náà ń wò ó. Ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ní kó má pa o, òótọ́ pọ́ńbélé lè ni gbogbo ohun tó ń sọ, wíwò yẹn gan-an ni wọ́n ń dènà, torí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lè gbé ojú èèyàn wọ yàrá tí kò yẹ kó wọ̀. Ohun tí ojú ewé méjì yín ń ṣe nìyẹn, ó ń kó gbogbo ẹni tó bá kà á wọ inú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ní kí wọ́n dúró kí wọ́n máa wo ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn kan á kà á, inú wọn á bàjẹ́. Àwọn kan á kà á fún adùn ara wọn, ẹ ò sì lè mọ ẹni tí ìwé máa bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹni tírú ẹ̀ wá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, tó dá wà nínú yàrá ẹ̀ lóru tó ń kà á, ẹ ti mú un padà síbẹ̀ láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀.

Àmọ́ kéèyàn tibẹ̀ bọ́ sórí pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ rárá, Alùkùránì ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Súrà Nísáì ẹsẹ 148, Ọlọ́hun ò nífẹ̀ẹ́ sí kí wọ́n máa ké ọ̀rọ̀ burúkú síta, àfi ẹni tí wọ́n bá ṣàbòsí sí. Àyè wà fún ẹni tí wọ́n ṣàbòsí sí, Ọlọ́hun fúnra ẹ̀ ló fi àyè yẹn sílẹ̀. Hadiisi bíbo àṣírí Musulumi tí àwọn àgbà máa ń fà yọ, wọn ò mú un wá kí alábòsí lè rí ibi sá sí lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń ké kéú, ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa ní ohun tó fẹ́ sọ nípa ẹnì kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, wọ́n ní kó bo àṣírí, èmi náà wà níbẹ̀, mi ò la ẹnu mi. Ó ṣì ń dùn mí dòní olónìí. Torí náà mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé kẹ́ ẹ dákẹ́.

Ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà kọ ọ́ wà nínú Súrà Yúsúfù, èyí tí Ọlọ́hun pè ní ìtàn tó dáa jù lọ ní ẹsẹ 3. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ ti kànga. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú un lọ, ẹnu wọn kò láti jù ú sísàlẹ̀ kànga, ẹsẹ 15 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "nígbà tí wọ́n mú un lọ", àwọn onítumọ̀ sì sọ pé ìdáhùn "nígbà tí" yẹn ò sí níbẹ̀, wọ́n fò ó. A ò gbọ́ ta ló di ọwọ́ ẹ̀ mú, a ò gbọ́ bó ṣe ké. Ohun tó kàn tá a rí ni àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń sunkún bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ irọ́ sí. Ìkà yẹn sì wọ̀ wá lára ju kí wọ́n júwe lílù lọ, torí bàbá ló wà níwájú wa, òun la wá ń wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ilé olówó Íjíbítì. Ẹsẹ 23 kò fi ẹni tó ṣe nǹkan pa mọ́, ó ní obìnrin tí Yúsúfù ń gbé nílé ẹ̀ ló ń wá a, òun ló ti àwọn ilẹ̀kùn. Kò sí ọ̀rọ̀ "nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín wọn" níbẹ̀. Yúsúfù ní òun sá di Ọlọ́hun, ìyẹn ni pé ó kọ̀, a gbọ́ ọ létí ara wa. Wọ́n sáré dé ẹnu ọ̀nà, obìnrin náà fa ẹ̀wù Yúsúfù ya láti ẹ̀yìn. Ẹ̀wù yẹn ló wá di ẹ̀rí: ẹnì kan nínú ẹbí obìnrin náà fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n wò ó, tó bá ya níwájú, obìnrin náà ló sòótọ́, tó bá ya lẹ́yìn, irọ́ ló pa. Gbogbo ohun tó yẹ ká mọ̀ la mọ̀, ta ló ṣe é, ta ni ò gbà, ta ló purọ́, kò sì síbi tí wọ́n ti fi ara ẹnì kankan hàn wá. Ti Hábílì náà bẹ́ẹ̀ ni, nínú Súrà Máídà ẹsẹ 30, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lédè Lárúbáwá ló sọ pípa náà, "ó sì pa á", ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ ṣáájú gùn, ẹyẹ ìwò tó ń wa ilẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ náà gba àyè.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ìtàn yín. Ẹ ní àǹfààní kan, télọ̀ ni ọmọ yín. Ẹ kọ ohun tó ṣáájú dáadáa, pé aṣọ ẹbí ọjọ́ Sátidé ò tíì parí, pé ọ̀gá ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù máa lọ sílé, òun nìkan ni kó dúró. Ẹ wá ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ ṣí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ rèé, ẹ tún un ṣe bó ṣe wù yín:

"Ọ̀gá ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Jẹnẹrétọ̀ ń ké níta. Láàárọ̀, ìyá ọmọ náà rí bùbá ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká a pọ̀ bí èkísà. Télọ̀ ni ìyá náà nígbà ọmọge ẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó wo èjìká. Òwú ò tú. Aṣọ gan-an ló ya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán. Ó pe ọmọ ẹ̀ lóríkì, Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ ò dáhùn."

Télọ̀ tó bá kà á á mọ̀ pé òwú tó ti gbó máa ń tú lójú rírán ni, kì í ya aṣọ, ẹni tó fi agbára fà á ló ń ya á. Ẹni tí kì í ṣe télọ̀ náà á mọ̀ nígbà tí ọmọ tí wọ́n kì ò bá jẹ́.

Àmọ́ ẹ má bò ó débi tí kò fi ní yé èèyàn. Ibì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìtàn tí ẹnì kan ti máa pè é lórúkọ, bóyá ìyá yẹn, bóyá nọ́ọ̀sì, kó ní "ó fipá bá a lò pọ̀". Kó má jẹ́ "ó bá a sùn", torí ìyẹn dà bíi pé àwọn méjèèjì jọ fẹ́ ẹ. Kó má sì jẹ́ ẹnu ẹ̀yin òǹkọ̀wé la ti máa gbọ́ "ó ti ba ọmọ náà jẹ́". Ẹni tó wà nínú ìtàn lè sọ ọ́, àwọn èèyàn ń sọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ẹ ti dá ọmọ lẹ́jọ́ pé òun ló bàjẹ́, ẹni tó hùwà bàjẹ́ náà sì ń jókòó. Nǹkan kan tún wà, ẹ yọ gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti júwe ìdí ọmọ náà àti bí síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣe fún ṣáájú ọjọ́ yẹn. Bí ìyẹn bá ti wà níbẹ̀, òǹkàwé á ti máa wá ẹ̀bi sára ẹ̀ kí ọ̀gá tó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ lè dán an wò báyìí: ẹ fún ẹnì kan tí kò tíì gbọ́ ìtàn náà kó kà á, kẹ́ ẹ wá bi í kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló ṣe é, ṣé ọmọ náà gbà. Tó bá ṣìnà nínú ọ̀kan, ẹ ti bò ó jù. Tó bá wá lè sọ fún yín bí ara ọmọ náà ṣe rí, ẹ ò tíì yọ ọ́ tó.

Bùbá yẹn náà tún níṣẹ́ míì. Nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, ọmọ náà fọ aṣọ, ó wẹ̀, ìtàn sì parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ torí ara wọn ń rí wọn lára. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú ìtàn mọ ohun tó yẹ, kó ní kí wọ́n má fọ aṣọ náà, kí wọ́n fi bébà wé e, kì í ṣe nálọ́ọ̀nù tó máa jẹ́ kó hu, kí wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò éèdì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Tó bá jẹ́ Èkó ni ìtàn yín ti ṣẹlẹ̀, Mirabel Centre wà nínú ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013, títọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ni iṣẹ́ wọn. Tó bá sì ti wẹ̀ tó ti fọ̀, ẹ má kọ ọ́ bíi pé ọ̀rọ̀ ti bọ́, kó ṣì lọ.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀ lẹ ń kọ, ẹ yí iṣẹ́ padà, ẹ yí ìlú padà, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ bi í. Tó bá ní òun ò fẹ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀wù Yúsúfù tún jáde lẹ́ẹ̀kẹta nínú súrà yẹn o, ẹsẹ 93 sí 96, wọ́n gbé e sójú bàbá ẹ̀, ojú tó ti fọ́ sì là. Ìtàn ò fi Yúsúfù sílẹ̀ nínú kànga. Tẹ́ ẹ bá ti parí apá ọsibítù, ẹ jẹ́ ká rí Àṣàkẹ́ nídìí ẹ̀rọ míì, ní ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí sílẹ̀, kó máa gé aṣọ tó wù ú. Tẹ́ ẹ bá ṣe é báyìí, ẹ gbé e fún ọkọ yín kó tún un kà.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.