Eégbọn tí kì í tán lára ọmọ ajá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ ajá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 8. Ojoojúmọ́ ni mò ń já eégbọn lára rẹ̀, kò tán. Aládùúgbò mi ní kí n fi òtápíápíá wẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ wo ló sì yẹ kó gbà? Ìbàdàn ni mò ń gbé.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òtápíápíá kàn án rárá. Ó máa ń gba awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀. Itọ́ á máa dà lẹ́nu ajá, ara á máa gbọ̀n, kò sì ní lè mí dáadáa mọ́. Bí ẹ bá ti fi wẹ̀ ẹ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ kíá, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Eégbọn tí ẹ ń já kọ́ ni ìṣòro yín, àwọn tó wà lára ògiri ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni eégbọn ajá ń mu ẹ̀jẹ̀ láyé rẹ̀: nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà péré, nígbà tó bá ń dàgbà, àti nígbà tó bá gbó. Bó bá ti yó, á já bọ́, á lọ sá pamọ́ sínú ihò ògiri. Ibẹ̀ náà ni abo ń yé ẹyin ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún sí. Nínú ooru tiwa, nǹkan bí oṣù méjì ti tó kí ẹyin náà di eégbọn tó ń yé ẹyin.

Nítorí náà, ẹ fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ihò ilé ajá, kí ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé. Ẹ fín oògùn eégbọn sára ògiri, kí ajá má wọlé títí yóò fi gbẹ. Ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù mẹ́ta. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kùnà nìyí: wọ́n á fín in lẹ́ẹ̀kan, ẹyin á pa lẹ́yìn rẹ̀.

Fún ara ajá, oògùn eégbọn fipironílì tí wọ́n ń fín ló bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Amitiráàsì, oògùn eégbọn tí a ń pò mọ́ omi wẹ ajá, kò tọ́ sí i àfi tó bá ju oṣù mẹ́rin lọ. Nígbà náà, mílílítà 2 oògùn tó jẹ́ 12.5% ni ẹ ó pò mọ́ lítà omi kan. Ẹ má ṣàn án kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ìbòòji, kí ajá má sì lá a.

Kí ó tó gba abẹ́rẹ́, ẹ ṣí ètè rẹ̀ wò. Bí èrìgì bá funfun, tí ara gbóná tàbí tí ìtọ̀ pọ́n, eégbọn ti lè kó àrùn sí i lẹ́jẹ̀. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wò ó sàn ná.

Bí ara rẹ̀ bá dá, kó gba abẹ́rẹ́ alápapọ̀, tó ní ti páfò, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, nínú, báyìí ní ọ̀sẹ̀ 8, kó tún un gbà ní 12 àti 16. Ààbò tó mu nínú ọmú ìyá rẹ̀ lè pa agbára abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un gún. Ti dìgbòlugi, ọ̀sẹ̀ 12 ni kó gbà á. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ tún méjèèjì gún. Títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ti 16, ẹ má jẹ́ kó rìn níbi tí ajá àjèjì ti ń yàgbẹ́, torí páfò lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú abẹ́rẹ́ náà. Ìwọ̀n otútù 2 sí 8°C ló gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí wọ́n bá mú jáde látinú àpò, tàbí látinú fìríìjì tí iná ti lọ lórí rẹ̀ láti àná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un fún un.