Owó ilé ti pé, kò sí lọ́wọ́: báwo ni kí n ṣe bá onílé sọ ọ́?

Ìbéèrè: Asalaamu alaekun, Àáfà. Wíńdò alumí ni mo ń ṣe ní Agége. ₦480,000 ni owó ilé mi lọ́dún. Èyí tí mo san tẹ́lẹ̀ parí ní ìparí oṣù kẹta, oṣù karùn-ún sì ti ń parí lọ báyìí, n kò tíì san tuntun. Kọngílá tó jẹ mí ní ₦350,000 ni mo gbójú lé, kò tíì san. ₦100,000 péré ló wà lọ́wọ́ mi. Mọ́sáláásí kan náà ni èmi àti Alhaji onílé ti ń kírun, n kò lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Ẹ́jẹ́ǹtì rẹ̀ ní tó bá fi di oṣù tó ń bọ̀, kí n fi ₦30,000 lé e torí pé mo pẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yá owó lórí fóònù. Ìyàwó mi ní kí n kàn máa tètè jáde, kí n máa pẹ́ wọlé. Kí ni ẹ̀sìn sọ?

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaamu. Arákùnrin mi, láti òní lọ, ẹ má sá fún Alhaji mọ́. Gbèsè fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o, ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ti ń sá fún olówó ni ẹ̀ṣẹ̀ ti máa ń wọlé. Ànábì Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, a máa tọrọ ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun nínú ìrun kúrò níbi ẹ̀ṣẹ̀ àti gbèsè. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi ń tọrọ ìṣọ́ kúrò níbi gbèsè tó bẹ́ẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá jẹ gbèsè, tó bá sọ̀rọ̀ yóò purọ́, tó bá ṣàdéhùn yóò yẹ̀ ẹ́. Búkárì àti Múslímù ló gbà á wá. Ẹni tó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń rán ọmọ sẹ́nu ọ̀nà pé "bàbá mi ò sí nílé", ti wọ inú ohun tí Ànábì ń sá fún, ó sì ti kọ́ ọmọ náà mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ojú ń tì yín. Dídákẹ́ yín láti ọjọ́ yìí ti dun Alhaji, kò sì tíì kọjá àtúnṣe.

Kí ẹ tó lọ bá a, ẹ mọ ohun tí ẹ jẹ gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yà á sọ́tọ̀. ₦480,000 lọ́dún, ₦40,000 ló bọ́ sí lóṣù. Ẹ ti gbé inú ilé náà ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún. ₦80,000 oṣù méjì yẹn ti wà lọ́rùn yín, Alhaji ì báà béèrè, kó má béèrè. ₦400,000 tó kù jẹ́ ti oṣù mẹ́wàá tí ẹ kò tíì gbé. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì kò tíì fẹnu kò lórí ọdún tuntun, ìyẹn kò tíì di gbèsè, àdéhùn tí ẹ fẹ́ ṣe ni. Lórí ₦80,000, Ọlọ́hun ti bá Alhaji sọ̀rọ̀ nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 280: bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, kí wọ́n lọ́ra fún un títí ìrọ̀rùn yóò fi dé, bí wọ́n bá sì fi ta á lọ́rẹ, ó lóore fún wọn jù. Lórí ₦400,000, ẹ̀bẹ̀ lẹ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ìsanwó oṣù-oṣù dípò ọdún kan lẹ́ẹ̀kan. Ilé rẹ̀ ni. Ó lè gbà, ó lè kọ̀, bó bá sì kọ̀, kò ṣàbòsí. Nítorí náà, ẹ má ka ẹsẹ yẹn sí i létí bí ẹni tó fẹ́ fi Àlùkùráánì halẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ wá yọ owó kọngílá kúrò nínú ìṣirò yín pátápátá. Owó tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ẹ kò mọ ọjọ́ tó máa dé, ẹ kò gbọdọ̀ fi í ṣàdéhùn fún Alhaji. Owó iṣẹ́ kékeré tó ń wọlé lóṣù ni kí ẹ fi ṣírò, kí ẹ sì mú oṣù tí ọjà kú jù, kì í ṣe oṣù tí iṣẹ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní nínú oṣù mẹ́fà tó kọjá, èyí tó kéré jù mú ₦160,000 wọlé lẹ́yìn tí ẹ ti yọ owó alumí àti gíláàsì. Ká ní oúnjẹ, ọkọ̀, iná àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ń gba ₦105,000. Ó ku ₦55,000. Ẹ má ṣèlérí ₦55,000, torí bí ibà bá mú ọmọ kan, àdéhùn ti bàjẹ́ nìyẹn. ₦40,000 ni kí ẹ ṣèlérí.

Bó ṣe máa lọ nìyí. Ẹ gbé ₦100,000 tó wà lọ́wọ́ yín fún un lójú ẹsẹ̀. ₦80,000 gbèsè kúrò níbẹ̀, ₦20,000 tó kù di ti oṣù kẹfà. Nínú owó ọdún, ó ku ₦380,000. Ẹ máa san ₦40,000 ní ìparí oṣù kẹfà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́sàn-án nìyẹn, ₦360,000. Ní ìparí oṣù kẹta, ẹ fi ₦20,000 parí rẹ̀. Ẹ fi han Alhaji pé láti ọjọ́ tó bá ti gba ₦100,000 yìí, kò sí ìparí oṣù kan tí ẹ máa jẹ ẹ́ lówó ọjọ́ tí ẹ ti gbé. ₦20,000 yín ló máa ṣáájú lọ́wọ́ rẹ̀ títí di oṣù tó kẹ́yìn. Ohun tó ń ba onílé lẹ́rù ni kí ayálégbé gbé ilé òun lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù púpọ̀ kó tó sá lọ. Bó bá rí i pé èyí kò lè ṣẹlẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ẹ má bá a sọ ọ́ nínú mọ́sáláásí lójú àwọn èèyàn. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ẹ bá a nílé, kí owó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí:

"Alhaji, ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú pé n kò tètè wá. Mo ṣiṣẹ́ fún kọngílá kan, kò tíì san owó mi, ohun tó dá owó ilé dúró nìyẹn. Oṣù méjì tí mo ti gbé jẹ́ ₦80,000. ₦100,000 rèé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n máa san ₦40,000 ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kọ̀ọ̀kan láti oṣù kẹfà, kí n sì fi ₦20,000 parí rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta. Bí owó kọngílá bá dé ṣáájú, mo máa gbé e wá lẹ́ẹ̀kan láti fi san èyí tó kù. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ bá mi wò ó."

Ẹ má búra níbẹ̀. Ẹ má da àìsàn ìyá tàbí ti ọmọ pọ̀ mọ́ ọn, bí kì í bá ṣe òun ló fa á. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ pé "Ìnṣáà Alláhù", kó jẹ́ lórí ohun tí ẹ ti pinnu láti ṣe. Ó máa ń dùn mí tí Mùsùlùmí bá fi orúkọ Ọlọ́hun ti àdéhùn tó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní mú ṣẹ.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀ wá láti ẹsẹ 282 nínú Súrà kan náà, níbi tí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ pé bí a bá jọ ṣe gbèsè tó ní àsìkò, ká kọ ọ́, ká sì fi ẹlẹ́rìí sí i. Ẹ kọ ọ́ ní méjì, kí ẹ̀yin àti Alhaji fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ọdọọdún ni ẹ ṣì ń gba ilé náà, owó nìkan lẹ ń san lóṣooṣù. Ìdí ni pé ní Èkó, bí kò bá sí àdéhùn, bí ayálégbé ṣe ń san owó ni wọ́n fi ń mọ irú ayálégbé tó jẹ́. Òfin ilé gbígbé ti 2011 fún ayálégbé ọdún ní nótíìsì oṣù mẹ́fà, ti oṣù sì jẹ́ oṣù kan péré. Ẹ má fi ìrọ̀rùn ìsanwó sọ ẹ̀tọ́ yẹn nù láìmọ̀. Kí owó sì máa lọ tààrà sínú àkáǹtì Alhaji. Bó bá ní kí ẹ́jẹ́ǹtì gbà á, ẹ gba rìsíìtì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti ₦30,000 ẹ́jẹ́ǹtì: èlé ni, kò sì bójú mu. ₦80,000 ti di gbèsè, owó yòówù tí wọ́n bá fi lé gbèsè nítorí pé ó pẹ́ ni rìbá tí Ọlọ́hun ṣe léèwọ̀. Ẹ fi sùúrù sọ ọ́ fún Alhaji fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má mọ̀ pé ẹ́jẹ́ǹtì sọ bẹ́ẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí kí Alhaji sọ, kí ẹ tó fẹnu kò lórí ọdún tuntun, pé bó bá jẹ́ oṣù-oṣù, iye báyìí ni òun máa gbà. Iye kan ṣoṣo tí ẹ jọ gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò ní lé sí i bí ẹ bá pẹ́, òwò ni, ẹ lè gbà á tàbí kí ẹ kọ̀ ọ́. Owó yíyá lórí fóònù náà, èlé ni, ó sì máa ń fi gbèsè kejì lé àkọ́kọ́. Wọ́n á tún máa fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù yín. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ láyé Ànábì pé Kaabu ọmọ Maliki ń béèrè gbèsè rẹ̀ lọ́wọ́ Ibn Abi Hadirada nínú mọ́sáláásí, ohùn wọn sì lọ sókè. Ànábì ṣí aṣọ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó fọwọ́ júwe fún Kaabu pé kó yọ ìdajì. Kaabu gbà. Ànábì wá kọjú sí onígbèsè, ó ní: "Dìde, san án." Ìgbà tí wọ́n bá rọ̀ ọ́ fún onígbèsè ni tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí oṣù kan bá fẹ́ yẹ̀ yín, ẹ má dúró dé ọjọ́ tó pé. Ẹ lọ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ gbé iye tó wà lọ́wọ́ dání, ì báà jẹ́ ₦25,000, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ₦15,000 tó kù máa dé. Ọjọ́ tí kọngílá bá sanwó, àyè ìnira ti parí. Ànábì ní ìdádúró ẹni tó ní in lọ́wọ́, àbòsí ni. Ẹ má fi owó yẹn ra ẹ̀rọ tuntun kí ẹ tó san ti Alhaji.

Bí Alhaji bá kọ̀ láti gba oṣù-oṣù ńkọ́? Ẹ san ₦80,000 nínú ₦100,000 náà fún un, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fún yín láàyè láti wá ibòmíràn. Iye ọjọ́ tí ẹ bá tún lò níbẹ̀, owó rẹ̀ wà lọ́rùn yín, kódà bí kò bá sí àdéhùn tuntun. Òun náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ilẹ̀kùn pa tàbí kó ẹrù yín síta. Lẹ́yìn nótíìsì oṣù mẹ́fà, tọlọ́jọ́ méje ló kù, kó tó lè lọ sí kóòtù. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ìjọba Èkó ní ọ́fíìsì ìlàjà tí wọn kì í gba owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ lémọ́ọ̀mù àti àwọn àgbà mọ́sáláásí yín, torí ẹnu wọn lè ká Alhaji ju ti ọ́fíìsì lọ. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.