Káàdì tuntun, owó ṣì ń lọ

Ìbéèrè: Káàdì mi àtijọ́ ti parí, báǹkì fún mi ní tuntun. N kò fún ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ní nọ́ńbà rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń yọ owó. Báwo ni?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ báǹkì yín ló fi ìsọfúnni káàdì tuntun náà ránṣẹ́, nípasẹ̀ ètò tí Visa ń pè ní Visa Account Updater. Mastercard náà ní tirẹ̀. Ilé ìtajà tó tọ́jú káàdì yín a béèrè níbẹ̀ kó tó yọ owó: bí àpẹẹrẹ, ó fi ọjọ́ ìparí àtijọ́, 08/25, béèrè, wọ́n dá tuntun, 08/29, pa dà fún un. Nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì kò sí nínú rẹ̀, torí ìsanwó oṣooṣù kò nílò rẹ̀. Ẹ fagi lé àdéhùn náà lọ́dọ̀ ilé ìtajà fúnra rẹ̀, kí ẹ tọ́jú ẹ̀rí. Bí wọ́n bá tún yọ ọ́, ẹ ní kí báǹkì dínà ilé ìtajà yẹn. Gbígba káàdì mìíràn nìkan kò tó.