Owó pọ́ọ̀ǹpù tí wọ́n ní ká tún dá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Fúláàtì mẹ́fà ló wà nínú ilé tí à ń gbé ní Alágbàká, Àkúrẹ́. Yàtọ̀ sí owó ilé, à ń san ₦90,000 fún sáfíìsì ṣáàjì lọ́dọọdún, àti ₦30,000 tí ejẹ́ńtì pè ní sínkìn fọ́ọ̀ǹdù. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Pọ́ọ̀ǹpù bohóòlù wá jóná, ejẹ́ńtì ní kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan mú ₦45,000 wá. Mo béèrè owó tá a ti ń san, ó ní bí mi ò bá lè san, kí n kó jáde. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san ₦45,000 yẹn, ẹ má sì tíì bá a jà. Ẹ mú bírò. ₦30,000 lọ́nà mẹ́fà jẹ́ ₦180,000 lọ́dún. Ọdún mẹ́ta sọ ọ́ di ₦540,000. Iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ gbogbo yín fún pọ́ọ̀ǹpù jẹ́ ₦270,000. Bí gbogbo fúláàtì bá ti ń san, tí wọn ò sì tíì fi owó náà ṣe nǹkan ńlá kankan, inú ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti ra pọ́ọ̀ǹpù, kí ₦270,000 tún ṣẹ́ kù.

Sáfíìsì ṣáàjì ni owó tí ilé ń jẹ tán láàárín ọdún: owó oṣù megadì, dísù, gbálùúgbálẹ̀, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, owó àwọn tó ń kó ilẹ̀. Sínkìn fọ́ọ̀ǹdù ni tí nǹkan tí kì í bàjẹ́ lọ́dọọdún, àmọ́ tó dájú pé yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ máa ń ṣírò rẹ̀ ni. Ká ní pọ́ọ̀ǹpù ₦270,000 yóò lo ọdún márùn-ún, ₦54,000 ló yẹ ká máa fi pamọ́ lọ́dún, ìyẹn ₦9,000 lórí fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ní kí ejẹ́ńtì sọ àwọn nǹkan tó kù tó sọ ọ́ di ₦30,000. Bí kò bá ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, á jẹ́ pé ṣe ló kàn bu iye lé yín.

Ẹ wá wo ìwé àdéhùn yín. Ṣé sínkìn fọ́ọ̀ǹdù wà níbẹ̀? Bí kò bá sí, ejẹ́ńtì kò lè fi ẹnu lásán gbé e lé yín lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́ta tẹ́ ẹ fi san án láìjanpata lè jẹ́ kó sọ pé ẹ ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Òrùlé tó ti gbó àti ògiri tó ń sán, ti onílé ni lójú tèmi, àfi tí ìwé yín bá sọ pé ẹ̀yin ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà, kí gbogbo fúláàtì sì fọwọ́ sí i; ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń lé. Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ béèrè: bí wọ́n ṣe ná owó ọdún tó kọjá pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, iye tó wà nínú àpamọ́ báyìí àti báǹkì tó wà, àti ẹni tó ń san ìpín fúláàtì tó bá ṣófo. Onílé ló yẹ kó san èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, kì í ṣe kí wọ́n pín in lé àwọn tó kù lórí. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó gba lẹ́tà fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín.

Tí rìsíìtì bá dé, ẹ wo nọ́ńbà orí rẹ̀. Mo ti rí i tí rìsíìtì dísù oṣù kejì, oṣù kẹfà àti oṣù kẹwàá jẹ́ 041, 042 àti 043, bírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà. Kò sí ilé epo tó ń ta ọjà fún ẹnì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù pé òfin ní kí onílé máa ṣe ìṣirò fún ayálégbé ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Òótọ́ ni, àmọ́ òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, abala kẹwàá, ni. Kò dé Àkúrẹ́. Ìwé àdéhùn yín lẹ máa dì mú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ irú gbólóhùn yẹn sí i.

Ní ti kíkó jáde, ẹnu ejẹ́ńtì kì í ṣe nótíìsì. Àmọ́ ẹ má dá owó ilé gan-an dúró nítorí ìjà yìí, torí gbèsè owó ilé ni yóò fún wọn lẹ́nu ní kóòtù. Ẹ san sáfíìsì ṣáàjì tí ẹ kò jiyàn sí pẹ̀lú. Tí àìsí omi bá ti dí yín lọ́wọ́ tó fi di dandan kẹ́ ẹ dá ₦45,000, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ san án pẹ̀lú àtakò, pé ẹ óò gbà á padà nínú owó àpamọ́.

Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá kọjá láìsí èsì, ẹ gbé ẹ̀dà lẹ́tà náà tọ onílé lọ fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, òun náà kò mọ̀ pé wọ́n ń gba owó kankan lórúkọ òun. Tí ejẹ́ńtì bá pe ara rẹ̀ ní sọ̀féyọ̀ ilé, ẹ béèrè nọ́ńbà tó fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ àwa sọ̀féyọ̀ ilé. Ibẹ̀ lẹ lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí kò bá ní nọ́ńbà, lọ́yà àti kóòtù Májísíréètì ló kù.